Àpárá Tó Dùn Lójú Ìwé, Tó Kú Lórí Máìkì

Fóònù ọ̀pọ̀ alága ìdúró àti alága ìjókòó kún fún àpárá. Òmíràn ti orí wásáàpù wá, òmíràn jẹ́ fọ́tò tí wọ́n yà láti ojú ìwé ìròyìn, òmíràn sì wà nínú ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n rà lẹ́bàá ọ̀nà. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, alága á ka ọ̀kan nínú wọn lórí ibùsùn, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀, á ní òun ti rí èyí tí òun máa fi ṣí agbo lọ́la. Nígbà tó bá di ọjọ́ Sátidé, tí ìdílé ọkọ ti dọ̀bálẹ̀ tán, tí wọ́n ti ní kí wọ́n jókòó, á gbé máìkì sẹ́nu, á sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú fóònù. Agbo á dákẹ́. Èèyàn méjì mẹ́ta á rẹ́rìn-ín músẹ́ láti fi bo alága láṣìírí, onígángan á sì tètè fọwọ́ kan ìlù kí ọ̀rọ̀ lè kọjá.

Àpárá náà kò burú, alága náà kò sì gọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ojú ni wọ́n kọ ọ́ fún, etí ni wọ́n sì lọ bù ú fún. Ojú lè padà sẹ́yìn, ó lè dúró sórí ọ̀rọ̀ kan, ó lè rí ọ̀rọ̀ méjì nínú ẹyọ kan. Etí kò ní àyè yẹn. Ọ̀rọ̀ ń kọjá lára etí bí ọkọ̀ tí kò dúró ní ibùdókọ̀ ni, ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ ti ṣẹ́kù sílẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, ìṣòro náà tún le sí i, torí ohùn ló ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ọ̀pọ̀ ohun tí à ń tẹ̀ sórí fóònù kò sì ní àmì ohùn kankan lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú àpárá kan, ká tú u palẹ̀. Báyìí ló ṣe wà lójú fóònù:

Ìyá Mùfútàù gba àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ń gbé l'Ékòó. Ohun tó wà níbẹ̀ ni “Mufu ti kole ni Lekki.” Inú ìyá dùn, ó pa adìẹ mẹ́ta, ó pe gbogbo àdúgbò, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Lọ́jọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn wọlé: “E tete maa bo, awon olopaa ti mu un.”

Ẹni tó bá kà á débi ọlọ́pàá, ojú ẹ̀ á sáré padà sórí “kole”. Níbẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Àbúrò ìyá kò fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan náà wá di méjì. Ó lè jẹ́ kọ́lé, pé Mùfú ra ilẹ̀, ó ra bíríkì, ó kan òrùlé. Ó sì lè jẹ́ kólé, pé ó já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, ó kó gbogbo ohun tó wà nínú ilé lọ. Ohùn òkè méjì ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀ rárá. Gbogbo ohun tó wà láàárín onílé àti olè ò ju àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà lọ. Ìwé tí kò ní àmì lè gbé àwọn méjèèjì dání pọ̀, kó má sọ èyí tó jẹ́ fún wa títí di ìgbà tó bá wù ú.

Ẹnu kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí alága bá ti fẹ́ ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sétí agbo, àfi kó yan ọ̀kan. Bó bá sọ pé “Mùfú ti kọ́lé”, ilé tuntun nìkan ni agbo gbọ́. Nígbà tí ọlọ́pàá bá dé, wọ́n á máa rò ó pé àbí ilẹ̀ onílẹ̀ ló kọ́lé sí, àbí kò gba ìwé àṣẹ. Bó bá sì sọ pé “Mùfú ti kólé”, ó ti tú àṣírí láti ìlà àkọ́kọ́, gbogbo èèyàn á sì máa wo ìyá tó ń pa adìẹ bí ẹni tí orí ẹ̀ kò pé.

Ohun kan náà ló ń ṣe àwọn àpárá tó dúró lórí àmì ohùn. Ìyàwó kan tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé “Oko mi ti baje.” Lójú fóònù, ó lè jẹ́ ọkọ tó fẹ́ ẹ, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tó ń wà, ó lè jẹ́ oko tí ẹranko wọ̀, ó tún lè jẹ́ ọkọ́ tó fi ń ro ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ á dáhùn pé kó wá mẹkáníìkì, kó tú u, kó fọ inú ẹ̀, kó dì í padà. Ẹni tó ń kà á á rẹ́rìn-ín títí, torí kò mọ èyí tí wọ́n ń tú. Ṣùgbọ́n nígbà tí alága bá la ẹnu pe ọkọ, àbí tó pe ọkọ̀, mẹ́ta yòókù ti sá lọ.

Àwọn kan máa ń gbìyànjú láti fi àlàyé gba àpárá là. Wọ́n á ní, “Ẹ ẹ̀ rí i, kò fi àmì sí i o, kei-o-ẹli-i ló kọ síbẹ̀.” Èyí kò ràn án lọ́wọ́. Agbo tó ń gbọ́ lẹ́tà á kọ́kọ́ kó lẹ́tà náà jọ nínú ọpọlọ wọn, wọ́n á tún un pè, wọ́n á wá ìtumọ̀ méjì fún un, kí wọ́n tó wá rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó ṣe tán, alága ti wà nínú ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn mìíràn sì máa ń sọ ọ̀rọ̀ náà lóhùn tí kò lójú, tí kò jẹ́ kọ́lé, tí kò jẹ́ kólé. Etí Yorùbá kì í gba irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa.

Ọ̀nà tó ṣiṣẹ́ ni pé kí a mú àṣìkà kúrò lọ́wọ́ agbo, ká gbé e fún ẹnì kan nínú ìtàn. Lójú fóònù, èmi àti ẹ̀yin tí à ń kà á la lè ṣì í kà. Lórí máìkì, agbo kò rí nǹkan tí wọ́n á ṣì kà, nítorí náà ẹnì kan nínú ìtàn gbọ́dọ̀ kà á fún wọn, kó sì ṣì í kà pẹ̀lú ìdánilójú. Bí ẹni yẹn bá ti wọlé, alága lè pe kọ́lé ní ohùn kedere láìpurọ́, torí kì í ṣe ohun tí Mùfú ṣe ló ń sọ, ohun tí ẹni tó kàwé kà jáde ló ń sọ. Ẹ gbọ́ bó ṣe máa rí:

“Ìyá Mùfú ò mọ̀wé. Lọ́jọ́ kan, fóònù ẹ̀ dún, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Ó gbé e, ó di ọ̀dọ̀ bàbá onílé. Ó ní, Bàbá Ṣèyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi ka nǹkan yìí. Bàbá onílé wọ awò ojú. Ó wò ó. Ó tún un wò. Ó ní, Ìyá Mùfú! Mùfú ti kọ́lé, ní Lẹ́kí! Ìyá ní, kọ́lé kẹ̀? Bàbá ní, kọ́lé! Háà! Wọ́n pa adìẹ, àdúgbò jẹ, àdúgbò mu, bàbá onílé ló gbàdúrà. Ilẹ̀ mọ́, ìyá wé gèlè, ó di Èkó, ó fẹ́ lọ wo ilé. Àbúrò ẹ̀ mú un, ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Ìyá bínú. Ó ní, ọ̀gá ọlọ́pàá, kí lẹ ti ọmọ mi mọ́lé fún, ọmọ tó kọ́lé? Ọ̀gá ọlọ́pàá ní, Màmá, Mùfú ò kọ́lé. Ó kólé.”

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá wo méjèèjì máa rí ni pé tẹnu gùn ju tìwé lọ, ó ju ìlọ́po méjì lọ dáadáa. Àwọn èèyàn máa ń rò pé gígé ni iṣẹ́ ẹni tó ń tún àpárá kọ fún ẹnu. Lóòótọ́ a gé nǹkan: adìẹ kò ní iye mọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kejì ti lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n a fi ohun tí etí nílò kún un. Lójú ìwé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni “kole” fara hàn, ẹ̀ẹ̀kan náà sì tó, torí ó wà níbẹ̀ tó ń dúró de ojú. Nínú ti ẹnu, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni agbo gbọ́ kọ́lé: bàbá onílé kà á, ìyá bi í, bàbá tún un sọ, ìyá fi yangàn fún ọlọ́pàá, ọlọ́pàá sì sọ pé kì í ṣe òun. Kólé ní tiẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jáde, òun ló sì gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Bí kọ́lé kò bá tíì jókòó sínú etí dáadáa, kò sí ohun tí kólé máa fara gbún.

Ẹ tún wo bí àwọn méjèèjì ṣe sún mọ́ra níparí. “Mùfú ò kọ́lé. Ó kólé.” Ìyàtọ̀ tó kéré tó báyìí, àfi kí etí gbọ́ wọn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kó tó lè mọ̀ ọ́n. Bí a bá fi gbólóhùn kan péré sáàárín wọn, bóyá ọlọ́pàá kọ́kọ́ sọ pé àwọn ti ń wá a tipẹ́, agbo á ti gbàgbé bí kọ́lé ṣe dún. Ẹni tó ń sọ ọ́ náà ní iṣẹ́ láti fi ẹnu ṣe. Ẹnu máa ń là fún ọ, ètè sì máa ń sún jọ fún o. Alága tó bá ń la ẹnu gbàgà fún gbogbo kọ́lé láti ìbẹ̀rẹ̀, tó wá kó ètè jọ fún kólé, kódà ẹni tó jókòó lábẹ́ spíkà tí kò gbọ́ dáadáa á fojú rí i.

Ewu kan wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí àgọ́ ọlọ́pàá bá ti jáde lẹ́nu, àwọn tí ọpọlọ wọn yá nínú agbo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Nítorí náà, ọ̀nà tó wà láàárín àgọ́ ọlọ́pàá àti kólé gbọ́dọ̀ kúrú. Ìyá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọlọ́pàá dáhùn, ó parí. Alága tó bá dúró níbẹ̀ ṣàpèjúwe bí àgọ́ náà ṣe rí, irú tábìlì tó wà níbẹ̀ àti irú fìlà tí ọ̀gá ọlọ́pàá dé, agbo á ṣáájú ẹ̀ débẹ̀, wọ́n á sì máa dúró dè é.

Lẹ́yìn tí ẹ̀rín bá ti sọ, tó sì fẹ́ máa rọlẹ̀, ààyè wà fún ìkejì. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi ààyè náà ṣòfò. Ìyá á ní, “Kólé kẹ̀? Ilé ta ni?” Ọ̀gá ọlọ́pàá á wo ìyá, á ní, “Màmá, ilé ọ̀hún, tèmi ni.” Lójú ìwé, àfikún yìí lè pọ̀ jù, torí ẹni tó ń kàwé ti rẹ́rìn-ín tán, ó ti fẹ́ lọ. Lágbo, àwọn èèyàn ti ṣí ẹnu sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín kejì kì í ṣòroó mú.

Kí ló dé tí ọlọ́pàá kò fi sọ pé “Ilé mi ló kó”? Bí Yorùbá ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyẹn, kò sì sí àṣìṣe nínú ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn kan wà tó jẹ́ ti èdè wa gan-an. Bí a bá fẹ́ tẹnu mọ́ ohun kan, iwájú la máa ń gbé e sí, ká tó fi “ni” àti ìyókù ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e. Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Ìyàwó mi ló rà á. Ó dára fún ìjíròrò, ó dára fún ìwé, ṣùgbọ́n ó burú fún àpárá. Ọ̀rọ̀ tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín ti jáde lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì ṣì ní ìrù gbólóhùn lẹ́nu. Agbo tó fẹ́ rẹ́rìn-ín á gbé e mì kí wọ́n lè gbọ́ ìrù náà, àbí kí wọ́n rẹ́rìn-ín bò ó mọ́lẹ̀.

Ìtàn olè ewúrẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ fi èyí hàn dáadáa. Bí wọ́n bá kọ ọ́ bí ìwé ìròyìn ṣe ń kọ ọ̀rọ̀, báyìí ló máa rí: “ ‘Mi ò mọ̀ pé ewúrẹ́ wà nídìí okùn tí mo rí nílẹ̀ tí mo sì mú lọ sílé,’ ni ọkùnrin tí wọ́n mú fẹ́sùn olè jíjà sọ fún adájọ́ ilé ẹjọ́ kọ́kọ́-kọ́kọ́.” Oníwèé ìròyìn kò ṣẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbé ohun tó ṣe pàtàkì jù síwájú, kí ẹni tí kò ní àkókò lè mọ̀ ọ́n láti ìlà àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ lágbo ló gbọ́dọ̀ dojú ẹ̀ délẹ̀. Ewúrẹ́ tó ṣáájú gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn. “Ni ọkùnrin náà sọ” tó wà nídìí ẹ̀ gbọ́dọ̀ di “ó ní” níwájú, torí kò sẹ́ni tó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ṣì ń ṣàlàyé ẹni tó sọ ọ́.

“Adájọ́ ní, kí lo jí? Ó ní, Olúwa mi, mi ò jí nǹkan kan. Adájọ́ ní, kí wá ni wọ́n mú ẹ fún? Ó ní, okùn ni o. Mo rí okùn nílẹ̀, mo mú un, mò ń fà á lọ sílé. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni mo bojú wẹ̀yìn. Mo wá rí ohun tó wà nídìí okùn.” Alága á dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. “Ewúrẹ́!”

Ẹ kíyè sí “ohun tó wà nídìí okùn”. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ló ń bá wa yọ ọ̀rọ̀ kúrò níwájú “ni”. Ó la ihò sílẹ̀, ó jẹ́ kí agbo mọ̀ pé nǹkan kan ń bọ̀ wá dí i, ó sì fi ìparí gbólóhùn sílẹ̀ fún nǹkan náà. “Ilé ọ̀hún, tèmi ni” ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹni tó bá ń tún àpárá kọ lè fi ọwọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó ń pa á lẹ́rìn-ín, kó ka iye ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ju méjì lọ, kó tún un tò.

Kí wá ló dé tó fi jẹ́ ewúrẹ́, tí kì í ṣe àgùntàn? Nínú ìtàn, kò sí ìyàtọ̀, àwọn méjèèjì ló ń gbé nídìí okùn. Lórí máìkì, ìyàtọ̀ pọ̀. Bí gbólóhùn Yorùbá ṣe ń lọ, tí ohùn ìsàlẹ̀ ń wọ inú ẹ̀, gbogbo ohùn máa ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tó bá wá bọ́ sí ìparí á rì pátápátá. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí àgùntàn láti orí dé ìdí. Nínú ilé tó pa rọ́rọ́ èèyàn á gbọ́ ọ. Nínú gbọ̀ngàn tí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ẹ̀, tí wọ́n ń gbé abọ́ ìrẹsì kọjá, tí ọmọ ń sunkún, ẹni tó wà lẹ́yìn á gbọ́ “àgù”, kò ní gbọ́ ìyókù. Ewúrẹ́ ní ohùn òkè méjì níparí, ó sì máa ń fò jáde lẹ́nu. Kólé náà ní méjì. Èyí kì í ṣe òfin tí kò ṣeé yẹ̀, àpárá mìíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ohùn ìsàlẹ̀ gan-an ló ni ẹ̀rín. Nígbà náà, alága á rọra sọ̀rọ̀, á gbé gbogbo gbólóhùn náà sókè díẹ̀ kí ìparí má bàa rì. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ méjì bá wà tí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ kan náà, ẹ mú èyí tó parí sí òkè.

Ọ̀ràn “ó ní” kò tíì tán. Nínú èdè wa, “ó” kì í sọ ọkùnrin, kì í sọ obìnrin. Lójú ìwé, ẹni tó bá kọ “ó ní, ó ní, ó ní” lè fi ìlà tuntun ya àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ojú á sì máa tẹ̀ lé e. Etí kò rí ìlà. Bí èèyàn mẹ́ta bá ti wà nínú ìtàn, agbo á sọnù láàárín “ó ní” kejì sí ìkẹta. Ohun tó wà nílẹ̀ fún wa láti fi tún un ṣe ni bí a ṣe máa ń pe ara wa. Nínú ìtàn Mùfú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni a sọ pé bàbá onílé fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá pè é ní Bàbá Ṣèyí, òun náà pe ìyá ní Ìyá Mùfú, ọ̀gá ọlọ́pàá sì pè é ní Màmá. Ìpè kọ̀ọ̀kan ń sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì gba àyè ju ọ̀rọ̀ kan méjì lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí ohùn nìkan ṣe lè gbé agbo èèyàn ró, kó wá kásẹ́ẹ̀tì Gbénga Adébóyè, ẹni tó kú lọ́dún 2003. Orí rédíò àti inú kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí ojú rẹ̀. Ó máa ń pe ara rẹ̀ ní Alhaji, Pasítọ̀, Olúwo, ó sì lè ṣe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́yọ ẹnì kan. Ohùn àlùfáà mùsùlùmí yàtọ̀ sí ti pasítọ̀, ti olúwo sì yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì, nínú bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ àti nínú irú ọ̀rọ̀ tó ń lò. Bí a bá kọ àwọn ìjíròrò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, “ó ní” tí a máa fi sí i á pọ̀ débi pé kò ní dùn mọ́. Alága kò nílò láti mọ ohùn mẹ́ta. Bó bá lè jẹ́ kí ìyá sáré sọ̀rọ̀, kí bàbá onílé sì máa fà á, ó ti tó.

Ṣé alága á wá mọ̀ bóyá àtúnkọ òun ti dára? Kó má bi ẹni tó ti ka àpárá náà. Ẹni bẹ́ẹ̀ ti ní “kole” nínú orí, ó máa rẹ́rìn-ín ohun tó rántí ni, kì í ṣe ohun tó gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́ ọ rí ni kó wá, kó fi fóònù pamọ́ sápò, kó sọ ọ́ láti orí. Èyí tí kò bá lè rántí láì wo ìwé, etí agbo náà kò ní lè dì í mú.

Lẹ́yìn náà, kó gba ohùn ara ẹ̀ sílẹ̀ ní òde gangan. Fóònù tó wà lórí tábìlì ti tó fún un. Bó bá padà délé tó gbọ́ ọ, ẹ̀rín á sọ ibi tí àìsàn wà fún un. Ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó parí ń sọ pé ìrù gbólóhùn gùn jù. Ẹ̀rín tó pẹ́ kó tó dé, tó ti igun kan bẹ̀rẹ̀, tó wá ń tàn díẹ̀díẹ̀, ń sọ pé àwọn kan ń ṣàlàyé fún àwọn tó jókòó tì wọ́n. Ohun tí kò sí nínú ìtàn nìyẹn, ó sì yẹ kó fi kún ìbẹ̀rẹ̀. Bí iwájú bá rẹ́rìn-ín tí ẹ̀yìn dákẹ́, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ló rì. Bí gbogbo èèyàn bá sì ní “hẹ̀ẹ́n” lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ti gbọ́ ọ rí. Èyí tó máa ń dun alága jù nígbà tó bá gbọ́ ohùn ara ẹ̀ ni ibi tí òun fúnra ẹ̀ ti sọ̀rọ̀ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀, torí ẹ̀rù bà á pé wọn ò ní rẹ́rìn-ín, ó sì sáré bọ́ sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìdákẹ́jẹ́ tó dà bí ìṣẹ́jú kan lójú ẹni tó di máìkì mú, bó bá wò ó nínú fóònù, kì í sábà ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ.

Àwọn àpárá kan wà tí kò ṣeé gbé kúrò lójú ìwé, ó sì dára kéèyàn tètè mọ̀ wọ́n. Èyí tí gbogbo adùn ẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ṣi ọ̀rọ̀ kọ sára ọkọ̀ akẹ́rù, tàbí nínú àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkéde òkú, ojú nìkan ló ni ín. Bákan náà ni àwàdà kan wà tó jẹ́ ti ojú lórí ìtàgé. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, tó kú lọ́dún 2018, máa ń so aago ńlá tí ó yẹ kó wà lórí tábìlì mọ́ ọwọ́, ó máa ń de táì alábalábá tó fẹ̀ ju ọrùn ẹ̀ lọ. Kó tó la ẹnu, agbo ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ lẹ́nu lásán, láìsí aago, láìsí táì, á rí i pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Àpárá “Oko mi ti baje” fẹ́ẹ̀ wà nínú irú yìí. Ó ṣeé gbà là bí ẹni tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà bá sáré lọ bá mẹkáníìkì fúnra ẹ̀, tó sì ń sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fún ọkùnrin tó jẹ́ ọkọ ìyàwó náà gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó máa gbà débẹ̀ gùn, òde ìyàwó kì í sì í ní sùúrù fún ìtàn tó bá gùn jù.

Nítorí náà, ẹ̀yin alága, ẹ̀yin tí wọ́n máa ń pè láti sọ̀rọ̀ níbi ìsọmọlórúkọ àti ọjọ́ ìbí, èyí tó bá wà nínú fóònù yín fún Sátidé tó ń bọ̀, ẹ má dúró di ìgbà tí máìkì bá dé ọwọ́ yín. Ẹ kà á sókè lónìí fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, ẹ wá ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, kí ẹ sì fi bírò tún un tò títí ọ̀rọ̀ náà á fi wà níparí.